Orí Keje: Lẹ́tà sí Iléeṣẹ́ Adójútòfò Lẹ́yìn Tí Olè Fọ́ Ilé

Lẹ́tà tí a fẹ́ kọ́ ní orí yìí jẹ́ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí àwọn tí a ti kọ́ ṣáájú. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó lè fúnni, tó sì lè kọ̀. Èyí kì í tọrọ ohunkóhun. Ẹni tó ra ìdójútòfò olè fún ẹrù ilé rẹ̀ ti san owó, iléeṣẹ́ adójútòfò sì ti ṣèlérí láti bá a gbé òfò náà bí olè bá fọ́ ilé. Nínú ìwé àdéhùn kan náà, oníwèé pẹ̀lú ti ṣèlérí: yóò tètè fi ọ̀rọ̀ tó iléeṣẹ́ létí, yóò lọ sọ fún ọlọ́pàá, yóò sì sọ ohun tí olè kó ní kíkún àti ní òtítọ́. Lẹ́tà ìfitónilétí ni oníwèé fi ń mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ.

Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó òfò tí yóò ka lẹ́tà náà lè káàánú wa, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè díẹ̀ ló ń wá. Ìwé àdéhùn wo ni? Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí olè wá? Ibo ni olè gbà wọlé? Kí ló kó lọ? Kí ló fi hàn pé ohun náà wà nílé tẹ́lẹ̀? Lẹ́tà tó bá dáhùn gbogbo èyí ní ojú ìwé méjì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó fi ojú ìwé mẹ́rin ròyìn ìbànújẹ́, tó wá sọ pé “wọ́n kó gbogbo dúkìá wa lọ,” yóò padà wá sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ pẹ̀lú ìbéèrè tuntun.

Kí a tó mú kálàmù

Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ló ní kí oníwèé fi tó iléeṣẹ́ létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a máa dá iye ọjọ́ fún un. Nítorí náà, a kì í dúró de ìgbà tí lẹ́tà bá gún régé kí a tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a bá rí i pé olè ti wọlé, kí a pe iléeṣẹ́ tàbí alágbàtà tó ta ìdójútòfò náà fún wa, kí a sì fi ímeèlì kúkurú tẹ̀lé e, torí pé ímeèlì ní ọjọ́ àti aago lára. Lẹ́tà kíkún lè tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Ohun kejì ni lílọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ilé ni a ó lọ, a ó ṣàlàyé, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Kí a gba nọ́ńbà àkọsílẹ̀ náà kí a tó kúrò níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ọlọ́pàá tí iléeṣẹ́ yóò béèrè lè pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìdí láti dá lẹ́tà dúró. Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ ti tó fún ìfitónilétí. Ìwé ìròyìn a tẹ̀lé e nígbà tó bá jáde.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán. Káfíńtà àti wẹ́dà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí olè fọ́ kí a tó ya àwòrán rẹ̀ láti òkèèrè àti láti itòsí. Lẹ́yìn náà, kí a dí ojú ibẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀, torí ìwé àdéhùn tún ń retí pé a kò ní fi ilé sílẹ̀ gbayawu kí olè padà wá kó ìyókù. Kí a tọ́jú irin tí wọ́n gé àti àgádágodo tí wọ́n já sílé. Ẹ̀rí ni wọ́n.

Àpẹẹrẹ: ilé kan ní Bódìjà

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé olùkọ́bìnrin kan ní Bódìjà, Ìbàdàn. Òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn lọ sí ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí wọ́n padà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, irin ojú fèrèsé ilé ìdáná ti di gígé. Wọ́n pe iléeṣẹ́ adójútòfò lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́tà tí ìyá náà kọ lọ́jọ́ Ajé nìyí. Nínú rẹ̀, a fi àmì àkámọ́ dí àyè orúkọ àti nọ́ńbà ìwé, a sì fi òdo rọ́pò nọ́ńbà ara àwọn ẹrù.

(Àdírẹ́sì ilé oníwèé),
Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹta, 2026.

Ọ̀gá Ẹ̀ka Owó Òfò,
(Orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ adójútòfò).

Alàgbà,

ÌFITÓNILÉTÍ NÍPA OLÈ TÓ FỌ́ ILÉ: ÌWÉ ÀDÉHÙN NỌ́ŃBÀ (…)

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi tó yín létí pé olè fọ́ ilé mi tó wà ní àdírẹ́sì òkè yìí láàárín aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta, àti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta, 2026. Ìwé àdéhùn ìdójútòfò ẹrù ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Keje, 2025, yóò sì parí ní 30 Oṣù Kẹfà, 2026. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín lórí fóònù, mo sì fi ímeèlì ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Kò sí ẹnikẹ́ni nílé láàárín àkókò yìí. A ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí a tó jáde. Nígbà tí a dé, a rí i pé wọ́n ti gé irin mẹ́ta lójú fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n sì ti fọ́ gíláàsì rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ láti inú. Wọ́n tún gé àgádágodo àgò irin tí jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ilé. A kò mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí.

A fi ọ̀rọ̀ náà tó àgọ́ ọlọ́pàá (…) létí ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ wọn ni (…). Ní àárọ̀ òní ni a tó rí i pé aṣọ òkè wa kò sí nínú àpótí. A ti padà lọ fi kún àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá kí n tó kọ lẹ́tà yìí. N ó fi ìwé ìròyìn wọn ránṣẹ́ ní kété tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Àkójọ ohun tí wọ́n kó wà nínú ìwé tí mo fi pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Àpapọ̀ owó tí a fi rà wọ́n jẹ́ ₦1,430,000. Wọ́n tún mú ₦85,000 owó inú dúrọ́ọ̀, èyí tí n kò kà mọ́ àpapọ̀ náà. Wẹ́dà ní ₦60,000 ni yóò gbà láti tún irin àti gíláàsì fèrèsé ṣe. A ti fi pákó dí ojú fèrèsé náà, ṣùgbọ́n a kò tíì tún un ṣe, kí òṣìṣẹ́ yín lè wá wò ó.

Àkójọ yìí ni ohun tí a mọ̀ títí di òní. Bí a bá rí i pé ohun mìíràn sọnù, n ó kọ̀wé sí yín àti sí ọlọ́pàá láìjáfara. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó òfò ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí olùyẹ̀wò yín yóò wá. Mo máa ń wà nílé lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Nọ́ńbà fóònù mi ni (…).

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(Ìbuwọ́lùwé àti orúkọ oníwèé)

ÀKÓJỌ OHUN TÍ OLÈ KÓ

| Nọ́ńbà | Ohun náà àti àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ | Ibi tó wà | Ìgbà tí a rà á | Iye tí a rà á | Ẹ̀rí |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | Tẹlifíṣọ̀n LG, íńṣì 43, nọ́ńbà ara rẹ̀ 0000 | Pálọ̀ | Oṣù Kẹsàn-án, 2023 | ₦265,000 | Rìsíìtì |
| 2 | Kọ̀ǹpútà alágbèéká HP, íńṣì 14, àwọ̀ eérú, nọ́ńbà ara rẹ̀ 0000 | Yàrá wa | Oṣù Kìíní, 2024 | ₦480,000 | Rìsíìtì, páálí |
| 3 | Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA, àwọ̀ pupa, nọ́ńbà ara rẹ̀ 0000 | Àgò irin lẹ́yìn ilé | 2022 | ₦185,000 (ìfojúdá) | Ìwé ìlò rẹ̀, àwòrán. Rìsíìtì ti sọnù |
| 4 | Ẹ̀gbà ọrùn góòlù, kárátì 18, gíráàmù 12 | Àpótí, yàrá wa | 2019 | ₦150,000 | Rìsíìtì alágbẹ̀dẹ góòlù, àwòrán |
| 5 | Fóònù, àwọ̀ dúdú, IMEI 000000000000000 | Yàrá àwọn ọmọ | Oṣù Kẹjọ, 2024 | ₦230,000 | Páálí, rìsíìtì |
| 6 | Aṣọ òkè sányán: agbádá kan pẹ̀lú ṣòkòtò, ìró kan, gèlè kan | Àpótí, yàrá wa | 2021 | ₦120,000 | Àwòrán, ìwé owó ahunṣọ |
| | Àpapọ̀ | | | ₦1,430,000 | |

Ìpínrọ̀ tó ṣàlàyé bí olè ṣe wọlé

Nínú lẹ́tà yìí, ìpínrọ̀ kejì ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdójútòfò olè kì í sábà gbé gbogbo ohun tó bá ṣáà ti sọnù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wí ni pé olè gbọ́dọ̀ ti fi ipá wọlé tàbí fi ipá jáde, kí àmì ipá náà sì hàn. Irin mẹ́ta tí wọ́n gé, gíláàsì tí wọ́n fọ́, àgádágodo tí wọ́n já: ohun tí ojú rí nìyẹn, lẹ́tà náà sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé “olè wọlé wa” nìkan ló kọ, òṣìṣẹ́ kò ní mọ̀ bóyá wọ́n fọ́lé ni tàbí ẹnìkan kàn rìn gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ wọlé.

Ohun tí ìyá yìí kò kọ náà tún ṣe pàtàkì. Kò sọ pé ọmọ àdúgbò kan ni òun fura sí, kò sì dárúkọ ẹni tó ń bá wọn fọ aṣọ. Bí ìfura bá wà, ọlọ́pàá ni a ó sọ ọ́ fún kí wọ́n wádìí rẹ̀. Ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí lè ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni kì í gbé olè tí ará ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ bá jà, nítorí náà gbólóhùn kan tí a fi ìbínú kọ lè sọ ọ̀rọ̀ di ohun mìíràn kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ó tún fi àkókò hàn bó ṣe rí. Kò mọ wákàtí tí olè wá, nítorí náà ó kọ ìgbà tí wọ́n jáde àti ìgbà tí wọ́n dé. Ọjọ́ méjì péré ni ilé fi ṣófo. Bí ẹbí bá rìnrìn àjò fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ a yí padà, torí àwọn ìwé àdéhùn kan a máa dá ààbò olè dúró bí ilé bá ti ṣófo fún ọgbọ̀n ọjọ́ léra wọn. Kí a sọ ọjọ́ náà bó ṣe jẹ́. Aládùúgbò lè sọ ọ́ fún olùyẹ̀wò bí a bá fi pa mọ́.

Àkójọ tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò

Ìlà àkójọ tó dára ni èyí tí ẹni tí kò dé ilé wa rí lè yẹ̀ wò. “Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, ₦300,000” kò ṣeé yẹ̀ wò. Tẹlifíṣọ̀n wo? Ìgbà wo ni a rà á? Ṣùgbọ́n bí a bá kọ irú rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọdún tí a rà á, òṣìṣẹ́ lè bi ẹni tó tà á, ọlọ́pàá náà sì lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá rí i ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà tokunbọ̀.

Fóònù ló rọrùn jù láti dá mọ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà IMEI, dígíìtì 15, tí a lè rí bí a bá tẹ `*#06#` lójú rẹ̀. Ẹni tí olè ti gbé fóònù rẹ̀ lọ kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, àmọ́ nọ́ńbà kan náà wà lára páálí, ó sì sábà máa ń wà lórí rìsíìtì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa ju páálí fóònù nù. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà alágbèéká wà ní abẹ́ rẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ wà lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn.

Góòlù àti aṣọ òkè kò ní nọ́ńbà. Ohun tó ń dá góòlù mọ̀ ni kárátì rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, àti bí wọ́n ṣe rọ ọ́. Ní ilẹ̀ wa, a ní ẹ̀rí kan tó ń ran wá lọ́wọ́ púpọ̀: àwòrán ayẹyẹ. Ìyá yìí wo inú àwòrán ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn náà, ó sì rí ọkọ rẹ̀ nínú agbádá sányán. Àwòrán náà ní ọjọ́ lára. Kí a rántí pé ìwé àdéhùn sábà máa ń fi ààlà sí iye tí wọ́n lè san lórí ohun ọ̀ṣọ́, bí góòlù, iyùn àti aago ọwọ́, àyàfi tí a bá ti kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tí a ń ra ìdójútòfò. Síbẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú àkójọ.

Jẹnẹrétọ̀ ni ìlà tó lè fa àríyànjiyàn. Ìta ló wà, ìwé àdéhùn mìíràn sì jẹ́ pé ẹrù tó wà nínú ilé tí a tì nìkan ló ń dáàbò bò. Ó lè wu ẹlòmíràn láti kọ “ilé ìdáná” sí ibi tó wà. Ìyá yìí kọ “àgò irin lẹ́yìn ilé,” ó sì ṣe dáadáa. Olùyẹ̀wò tó bá dé yóò rí àgò náà àti ojú epo tó kán sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí òótọ́ bá yọ, ohun tó máa sọnù kì í ṣe owó jẹnẹrétọ̀ nìkan: ìwé àdéhùn sábà máa ń sọ pé irọ́ lórí ohun kan lè mú kí oníwèé pàdánù gbogbo owó òfò. Ìdí kan náà ló fi kọ “ìfojúdá” sí ẹ̀gbẹ́ ₦185,000, tó sì jẹ́wọ́ pé rìsíìtì ti sọnù. Owó inú dúrọ́ọ̀ náà ló yà sọ́tọ̀, torí ìwé àdéhùn ẹrù ilé a máa yọ owó sílẹ̀ tàbí kó gba ìwọ̀nba díẹ̀ lára rẹ̀.

Kí àkójọ ti ọlọ́pàá àti ti iléeṣẹ́ bára mu. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Lálẹ́ tí ara ń gbọ̀n, ohun márùn-ún ni wọ́n sọ fún ọlọ́pàá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti di mẹ́sàn-án nínú ìwé iléeṣẹ́, òṣìṣẹ́ sì ní láti béèrè ibi tí mẹ́rin ti wá. Nígbà tí ìyá yìí rí i pé aṣọ òkè kò sí, ó kọ́kọ́ padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà.

Iye owó tí a kọ àti iye tí wọ́n lè san

Iye tí a rà á ni ìyá yìí kọ, kì í ṣe iye tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà lónìí. Èyí dára fún lẹ́tà ìfitónilétí, torí rìsíìtì lè jẹ́rìí sí i. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó òfò ni yóò béèrè iye ti òní, iléeṣẹ́ yóò sì wo ìwé àdéhùn bóyá owó ohun tuntun ni wọ́n máa san tàbí wọ́n máa yọ owó ìgbó kúrò.

Ohun mìíràn wà tó máa ń ya oníwèé lẹ́nu. Ká ní ₦3,000,000 ni ìyá yìí sọ pé ẹrù ilé òun tó nígbà tó ń ra ìdójútòfò, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò rí i pé gbogbo ẹrù inú ilé náà tó ₦4,000,000 lọ́jọ́ tí olè wá. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù rẹ̀ ló san owó ìdójútòfò lé lórí. Bí ìlànà ìpín bá wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òfò náà ni wọ́n máa san. Bí òfò tí wọ́n gbà bá jẹ́ ₦1,200,000, ₦900,000 ni yóò kàn án, kí wọ́n tó yọ iye tí ìwé àdéhùn ní kí oníwèé fi ara rẹ̀ gbé. Lẹ́tà kò lè yí èyí padà, bó ti wù kó dára tó. Ìgbà tí a bá ń tún ìdójútòfò san lọ́dọọdún ni a lè tún un ṣe, nípa sísọ iye tuntun, pàápàá nígbà tí ọjà ń gbówó lérí.

Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá jáde

Bí a bá fi ọwọ́ gbé lẹ́tà lọ, kí a mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà àti ọjọ́ lé e. Olùyẹ̀wò yóò wá, yóò wo fèrèsé, yóò sì béèrè rìsíìtì àti àwòrán. Ẹ̀dà ni kí a fún un, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá gbà láti sanwó, wọn yóò mú ìwé kan wá tí oníwèé yóò fọwọ́ sí pé òun gba iye náà gẹ́gẹ́ bí ìparí ọ̀rọ̀. Ẹni tí iye náà kò bá tẹ́ lọ́rùn kò gbọdọ̀ kánjú fọwọ́ sí i. Kí ó kọ̀wé béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kò bá dáhùn, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó iṣẹ́ ìdójútòfò ní Nàìjíríà, ń gba ẹ̀sùn. Ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ gbígbà yẹn yóò wúlò níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Tún ìlà yìí kọ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò: “Àwọn aago ọwọ́ olówó iyebíye, bíi ₦500,000.” O lè fojú inú wo àwọn aago náà, ṣùgbọ́n sọ ẹ̀rí tó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2. Ọkùnrin kan ní Ṣàgámù gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn iwájú nígbà tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó dé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sí. Kò sí ohunkóhun tó fọ́. Kọ ìpínrọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé èyí fún iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ní òtítọ́, kí o sì sọ ìdí tí wọ́n fi lè kọ̀ láti sanwó.

3. Ẹrù ilé kan tó ₦6,000,000 lọ́jọ́ tí olè wá, ₦4,500,000 ni oníwèé sì fi ra ìdójútòfò. Òfò tí wọ́n gbà jẹ́ ₦800,000. Bí ìlànà ìpín bá wà nínú ìwé àdéhùn, èló ni yóò kàn án?

4. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀, ìyá inú àpẹẹrẹ wa rí i pé sílíńdà gáàsì kékeré kan tún sọnù láti ilé ìdáná. Kọ lẹ́tà kúkurú tí yóò fi fi kún àkójọ rẹ̀. Má ṣe gbàgbé ibi tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí ó tó kọ ọ́.